Ṣé nítorí òṣèré lẹ ṣe ń lọ wo fíìmù? Ẹ sọ ìrírí yín

Àdùkẹ́: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi fẹ́ gbé eré jáde, ó sì fẹ́ kó ìdajì owó ọwọ́ rẹ̀ fún ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré kan ṣoṣo kí èrò lè wọ́ wá. Mo ní kó rọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, kí lojú yín ti rí?

Bàbá Ìbejì: Èmi ò mọ orúkọ òṣèré kankan. Ìyàwó mi ní ń yan eré, tèmi ni oorun.

Oníkẹ́ẹ̀tì: Mo ta tíkẹ́ẹ̀tì ní sinimá rí. Òṣèré ńlá ń kó èrò wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni agbára rẹ̀ mọ. Tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ti wò ó tán. Láti ọjọ́ Ajé lọ, ẹnu àwọn tó ti wò ó ní ń tà á. Òpin ọ̀sẹ̀ kejì làwa máa ń wò. Tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá wá lákọ̀ọ́kọ́, tí ọgọ́ta wá lẹ́ẹ̀kejì, eré náà ń rìn nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọgbọ̀n ló wá, ọ̀gá wa á gba àkókò alẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún eré mìíràn, á fi aago mọ́kànlá àárọ̀ sílẹ̀ fún un. Ta ní ń bọ̀ wá wo eré láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́? Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń kú nìyẹn, kì í kàn ṣe pé àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ mọ́. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n bá ń jáde. Tí wọ́n bá ń sín ọ̀rọ̀ inú eré jẹ, ó máa pẹ́ nílẹ̀. Tí kálukú bá ń wo fóònù, ó ti tán.

Ṣadé: Irọ́ ni ti fóònù yẹn! Tí eré bá dùn mọ́ mi ni mo máa ń gbé fóònù, kí n lè sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Oníkẹ́ẹ̀tì: Ìwọ lo yàtọ̀.

Kàyéfì: Òṣèré ńlá ò wúlò rárá, ẹ má tan ara yín. My Big Fat Greek Wedding, ọdún 2002: Nia Vardalos ló kó ipa aṣáájú, ta ló mọ̀ ọ́n nígbà yẹn? Bíi mílíọ̀nù 5 dọ́là ni wọ́n ná, ó sì pa ju mílíọ̀nù 240 lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Kò gba ipò kìíní ní òpin ọ̀sẹ̀ kankan o!

Láńre: O ò sọ gbogbo rẹ̀. Tom Hanks àti ìyàwó rẹ̀, Rita Wilson, wà lára àwọn tó gbé e jáde. Ìlúmọ̀ọ́ká nìyẹn ná.

Kàyéfì: Ṣé ẹ rí Tom Hanks nínú eré náà ni?

Ìyá Fíìmù: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sòótọ́ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ Hanks ṣílẹ̀kùn fún owó àti fún sinimá, ṣùgbọ́n òǹwòran kò wá tìtorí rẹ̀. Sinimá bíi ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ń fi kún un bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ fún ara wọn. Wàyí, ẹ wo Amsterdam ti ọdún 2022: Christian Bale, Margot Robbie, Robert De Niro, àní Taylor Swift. Wọ́n ná mílíọ̀nù 80 dọ́là, ó pa bíi 31 káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n Kàyéfì, "rárá" ti pọ̀jù. Ohun tó ń rú wa lójú ni pé òṣèré ńlá ló ń yan eré tó wù ú, eré rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kó owó ìpolówó lé. Tó bá yọrí, ta ló mọ èyí tó ṣiṣẹ́?

Gbóyèga: Àwọn kan wà tí wọn ò mọ eré ṣe páàpáà, wọ́n kàn lẹ́wà.

Láńre: Ìyẹn kọ́ la bi ẹ́, Gbóyèga.

Délé: Tèmi rèé. Mo sanwó fún ìlúmọ̀ọ́ká kan, owó náà gbé ti ìpolówó lọ. Ó ya ìpín tirẹ̀ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò gbé àwòrán ìpolówó kankan sí ojú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ni mo torí ẹ̀ gbà á. A tún wá gbé e jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú eré ńlá kan, sinimá sì fún wọn ní gbọ̀ngàn tó tóbi. Ojú rẹ̀ wà lára pósítà, pósítà ni kò sí nígboro.

Ìyá Fíìmù: Ṣé ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé á polówó?

Délé: A sọ ọ́ lẹ́nu.

Ìyá Fíìmù: Ẹnu kọ́. Ọjọ́ tó máa fi bá yín káàkiri, iye ìgbà tó máa gbé e sójú ìwé rẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé, kí apá kan owó rẹ̀ sì dúró dìgbà tó bá ṣe é.

Àdùkẹ́: Àbúrò mi ti ka èyí. Ó ní òun ti san àsansílẹ̀ 🤦🏾‍♀️ ṣùgbọ́n àwọn ò tíì fọwọ́ síwèé.

Oníkẹ́ẹ̀tì: Kò tíì bàjẹ́ nígbà náà. Kó tún wo ọjọ́ tó fẹ́ gbé e jáde dáadáa.

Ṣadé: Kó má sì tú gbogbo eré palẹ̀ nínú ìpolówó! Èmi ò lọ wo òmíràn mọ́ tí mo bá ti rí ìparí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì.

Kàyéfì: Tí wọn ò bá fi hàn ẹ́, o ò ní mọ ohun tó o fẹ́ lọ wò.

Ṣadé: Ìbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n fi hàn mí, kì í ṣe ẹni tó kú!