Gbèsè tí mo bá nílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí wọ́n kọnfáàmù mi

Àdùkẹ́ Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará mi ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan béèrè lánàá bí èèyàn ṣe máa ṣe dáadáa nínú próbéṣọ̀n tí wọ́n fi máa kọnfáàmù ẹ̀, ó ní kí ẹni tójú ẹ̀ ti rí nǹkan wá sọ. Ojú tèmi rí nǹkan. Lóònù ófísà ni mí ní báǹkì kékeré kan n'Íbàdàn, iṣẹ́ wa ni ká máa yá àwọn ìyá ọlọ́jà lówó lẹ́gbẹẹgbẹ́ ká sì máa gbà á padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Bódìjà àti Ọjà Ọba ni tèmi. Lẹ́tà tí wọ́n fún mi sọ pé oṣù mẹ́fà ni próbéṣọ̀n, kò sọ ohun tí wọ́n máa fi wọ̀n mí, èmi náà ò sì béèrè.

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kó kọ́sítọ́mà méjìdínlógójì lé mi lọ́wọ́, ti ẹnì kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n fọkàn tán mi ni. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo lọ sípàdé ẹgbẹ́ ni mo rí i pé àwọn méjì ò yọjú mọ́. Ọ̀kan ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mo lọ bá èkejì nílé, màmá yẹn ní òun ti san fún ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n mú páàsì búùkù wọn jáde látinú àpò náílọ́ọ̀nù, ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n sáìnì sí pẹ̀lú báírò pupa, ₦5,000, ₦5,000, ₦5,000, mo sì ti wo kọ̀ǹpútà wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò síkankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tí àyà mi fi já. Níbi tiwa, nǹkan kan wà tó máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ PAR sí, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò tó bá di ọ̀rọ̀ kọnfáàmù. Kọ́sítọ́mà tó bá ti jẹ gbèsè kọjá 30 ọjọ́, gbogbo owó tó kù lọ́rùn ẹ̀ pátá ni wọ́n máa kà, kì í ṣe èyí tí kò san nìkan. Ká ní owó tí mo ní níta lápapọ̀ jẹ́ ₦3,000,000. Ìyá kan ò san fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ₦25,000 péré nìyẹn, ṣùgbọ́n ₦75,000 ló ṣì kù lọ́rùn ẹ̀, ₦75,000 yẹn ni wọ́n máa gbé lé mi lórí. Ẹni méjì bẹ́ẹ̀ ti di ₦150,000, ìyẹn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó bá sì ti dé márùn-ún, bráńṣì wa kì í kọnfáàmù ẹ̀. Ẹni méjì o, nínú méjìdínlógójì.

Àǹtí kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló pè mí sẹ́yìn, wọ́n ní "Àdùkẹ́, ṣé o gba ìwé ìfàléni lọ́wọ́?" Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n má tíì sùn. Mo tẹ orúkọ gbogbo wọn jáde látorí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú déètì, mo wá ń gbé e lọ bá wọn níkọ̀ọ̀kan, mo ń fi páàsì búùkù wọn wé e, èyí tó bá yàtọ̀ mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló gbà mí. Máníjà sáìnì sí i wọ́n lu sítáńpù, mo ṣe fótókópì, mo tún fi í ránṣẹ́ sí wọn ní ímeèlì lọ́jọ́ yẹn náà. Oṣù kẹta mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jókòó tì mí ká wo iṣẹ́ mi, ìgbà yẹn ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé àwọn máa ya ti àwọn méjì yẹn sọ́tọ̀, mo kọ ìyẹn náà ránṣẹ́ sí wọn.

Èyí tó kù ni kọ́sítọ́mà tuntun, 15 ni táágẹ́ẹ̀tì. Ẹni tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ní 22 kí oṣù kejì tó parí, gbogbo bráńṣì ń yìn ín. Èmi ò kì í yá èèyàn lówó tí mi ò bá tíì dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ tí ọjà ò tà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì máa rí ₦5,000 fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀. 13 ni mo rí. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, mẹ́fà nínú 22 tiẹ̀ ti dákẹ́, wọ́n sì fi oṣù mẹ́ta kún próbéṣọ̀n ẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Wàhálà yín ti pọ̀ jù. Tí oṣù mẹ́fà bá ti pé tí wọn ò sọ nǹkan kan, tí wọ́n ṣì ń sanwó oṣù, òfin ti kọnfáàmù ẹ nìyẹn, wọn ò lè lé ẹ mọ́.

Bọ̀dá Máníjà:
Àbúrò, ìdajì ẹ̀ lòótọ́. Kóòtù ti sọ ọ́ rí pé tí agbanisíṣẹ́ bá dákẹ́ tó ń sanwó fún ẹ lọ lẹ́yìn ìgbà tí próbéṣọ̀n ti pé, a lè kà á sí pé ó ti kọnfáàmù ẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni kó o kọ́kọ́ wò, ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àfi tá a bá kọ̀wé, ìyẹn di àríyànjiyàn. Ti pé wọn ò lè lé ẹ mọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni, nótíìsì ló máa ń gùn sí i.

Àdùkẹ́ ṣeun. Ọdún kọkànlá mi rèé tí mo ti ń ṣe àyẹ̀wò àwọn tó wà lórí próbéṣọ̀n. Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn ọmọ tó máa ń yọ owó oṣù wọn san gbèsè kọ́sítọ́mà ní oṣù karùn-ún kí PAR lè mọ́. Mo máa ń mọ̀. Mà á rí ìyá mẹ́rin tí ọjà wọn ò sí níbì kan náà, tí owó wọn wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mà á pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní àwọn ò san nǹkan kan. Ọmọ tó jẹ́ pé mà bá kàn fi oṣù kún próbéṣọ̀n ẹ̀, irọ́ yẹn ló máa jẹ́ kó lọ.

Èyí tí mi ò fara mọ́ ni ti ìwé ìfàléni yẹn. Bráńṣì tí mo wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta gbèsè tó o bá nílẹ̀ ti di tìẹ, ìwé wà o, ìwé ò sí o.

Bísí 300 Level:
Ẹ jọ̀ọ́ èmi náà wà lórí próbéṣọ̀n, máàkì mi ló wálẹ̀, ṣé kí n lọ bá HOD ni?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn:
Bísí, ti iṣẹ́ là ń sọ o, àmọ́ lọ bá àdífáísà ẹ, má jẹ́ kó pẹ́.

Tíṣà Ọ̀yọ́:
Ti ìjọba yàtọ̀ sí tiyín, ọdún méjì ni tiwa. Mi ò pa iṣẹ́ jẹ́ rí, pírínsípà kọ rípọ́ọ̀tù tó dáa nípa mi, síbẹ̀ ó gba ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò ara láti ọsibítù ni kò sí nínú fáìlì mi, mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó sọnù sọ́dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ìgbà tí mo lọ bẹ akọ̀wé pé kó jẹ́ n rí fáìlì mi ni mo tó mọ̀. Àwọn tá a jọ gba lẹ́tà ti gba ìgbéga.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Àdùkẹ́, màmá onípáàsì búùkù yẹn wá ńkọ́?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn:
Ó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ọ́dítọ̀. Wọ́n gba páàsì búùkù yẹn lọ́wọ́ wọn, mo ti jẹ́ kí màmá fi fóònù ọmọ wọn ya ojú ìwé yẹn kí wọ́n tó fi sílẹ̀. Bọ̀dá Máníjà, ọ̀rọ̀ yín bà mí lẹ́rù, torí ẹnu lásán ni máníjà wa fi sọ ọ́ kí n tó kọ ọ́ ránṣẹ́, tó bá jẹ́ wọ́n gbé wọn lọ bráńṣì mìíràn ní oṣù karùn-ún mi ò mọ ohun tí mà bá ṣe. Lẹ́tà kọnfáméṣọ̀n mi dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí oṣù mẹ́fà pé, déètì ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀, mo gbé e padà lọ, wọ́n tún un kọ.