Àbọ̀: gbólóhùn lórí dátà àti ẹ̀tọ́ ìwádìí ti wọlé

Ìbéèrè mi lórí àpilẹ̀kọ ìwádìí wa: “Jọ́nà ò gba ‘ẹ béèrè dátà lọ́wọ́ wa’. Ohùn àwọn ará Kétu ló wà níbẹ̀. Kí ni ká kọ?”

Jọ́nà ti gba gbólóhùn tí a kọ. Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́ ló ṣiṣẹ́: ká pín dátà sí méjì. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ látinú ohùn, tí a yọ orúkọ àti àdúgbò kúrò nínú rẹ̀, wà lórí Zenodo, ibi ìtọ́jú dátà lórí ayélujára, a sì kọ DOI, nọ́ńbà ìdámọ̀ rẹ̀. Ohùn gan-an ò jáde. A sọ ìdí rẹ̀: ìwé ìyọ̀ǹda ò fàyè gbà á, ohùn sì máa ń tú èèyàn fó.

Ẹni tó ní ká kó gbogbo rẹ̀ síta jàre díẹ̀, torí ìwé ìbéèrè wa ti wà níta báyìí. Ní ti ẹ̀tọ́ ìwádìí, orúkọ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, nọ́ńbà àṣẹ àti déètì tó. A fi kún un pé àwọn tí ò mọ̀wé tẹ̀ka níwájú ẹlẹ́rìí.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó mú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wá, tiyín yàtọ̀, ẹ dá ìbéèrè tiyín sílẹ̀. Iye ọdún tí a ó fi tọ́jú ohùn náà ló kù. Olóòtú jọ́nà ò tíì fèsì lórí ìyẹn. Ẹ ṣé.