Ìbéèrè pọtásíọ̀mù tí mo gbà sọnù, àti òru ọjọ́ tó tún pàdé mi ní wọ́ọ̀dù

Nọ́ọ̀sì Òru: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè kan pàdé mi nígbà tí mo ń múra ìdánwò: aláìsàn kíndìnrín, pọtásíọ̀mù rẹ̀ ga dé 7.1, ìgbì T lórí ìwé ìlù ọkàn rẹ̀ ga, ó ṣe ṣóńṣó bí orí àgọ́. Kí la ó kọ́kọ́ fún un? Mo mú ínsúlínì. Wọ́n ní kálísíọ̀mù ni. Inú bí mi, torí mo mọ̀ pé kálísíọ̀mù kì í dín pọtásíọ̀mù kù.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n gbé bàbá kan wá ní aago méjì òru. Owó ò sí, ó ti pa ẹ̀ẹ̀mejì jẹ nínú fífọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ọkàn rẹ̀ ń lù ní 44 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyàwó rẹ̀ ní omi àgbọn lòun ń fún un kó lè lókun, kò mọ̀ pé pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé láàbù dé: pọtásíọ̀mù 7.4. Lórí ìwé ìlù ọkàn, ìgbì T ga, ìgbì P ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ìgbì QRS ti fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò. Dókítà ní kí n gbé kálísíọ̀mù glúkónéètì 10% wá, mílílítà 10. Mò ń tì í díẹ̀díẹ̀, ojú mi ò kúrò lára ẹ̀rọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí QRS fi bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. A tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, 7.3! Ìgbà yẹn ni ìdáhùn ìdánwò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹta: Ṣé kálísíọ̀mù ń lé pọtásíọ̀mù wọnú sẹ́ẹ̀lì ni? Níbi tèmi, ẹ̀jẹ̀ míì ni wọ́n ní ká kọ́kọ́ gbà, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá fọ́ nínú ìgò máa ń parọ́.

Ẹ̀gbọ́n Àìsíyù: Ínsúlínì ló ń lé e wọlé, àbúrò. Ọkàn ni kálísíọ̀mù ń dáàbò bò, ààbò ọ̀hún kì í sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lọ. Nítorí náà, kíá ni a ó fi ínsúlínì yúnìtì 10 pẹ̀lú gíráàmù glúkóòsì 25 tẹ̀ lé e, kí ṣúgà má bàa já lulẹ̀. Ṣúgà yẹn ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ínsúlínì máa ń pẹ́ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, nítorí náà mo ń gún ìka ní wákàtí-wákàtí títí di mẹ́fà. Síbẹ̀, pọtásíọ̀mù ọ̀hún ṣì wà nínú ara. Ó kàn fara pamọ́ ni, títí wọ́n á fi fọ ẹ̀jẹ̀.

Òótọ́ ni ti ẹ̀jẹ̀ tó fọ́. Bí okùn rọ́bà bá pẹ́ lápá, tí aláìsàn sì ń di ẹ̀ṣẹ́ tó ń tú u, nọ́ńbà á ga. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá tí ìwé ìlù ọkàn sì mọ́, gba òmíràn. Àmọ́ QRS tó ti fẹ̀ ò ní dúró de láàbù.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, nítorí oògùn tó ń mú mi tọ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún mi pé kí n máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí pọtásíọ̀mù má bàa tán lára mi. Ẹ wá ń sọ pé pọtásíọ̀mù ń pa ọkàn?

Nọ́ọ̀sì Òru: Ẹ má fòyà, mà. Tiyín yàtọ̀. Oògùn yẹn ń fi ìtọ̀ gbé pọtásíọ̀mù yín jáde, kíndìnrín bàbá yìí ò lè gbé tiẹ̀ jáde. Ẹ ṣáà má fún ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní oúnjẹ tiyín.

Ìyá Àdùkẹ́: Ó dáa. Tèmi wálẹ̀ sí 2.6 nígbà kan, àyà mi ń já pàà, iṣan ẹsẹ̀ ń sọ́ mi. Omi pọtásíọ̀mù tí wọ́n fà sí mi lára ta mí lápá bí ata.

Dípò Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin: Ìyá, ó ń ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo fa pọtásíọ̀mù kílóráìdì sínú àpò omi tó ti wà lórí ìkọ́, mi ò yí àpò náà po. Ó wúwo ju omi lọ, ìdí àpò ló lọ dúró sí. Ìṣẹ́jú díẹ̀, aláìsàn pariwo. Ọ̀gá mi sáré tì í pa. Láti ọjọ́ náà, mo kọ́kọ́ ń sọ àpò kalẹ̀, mo ń dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. N kì í jẹ́ kó ju mílímólù 10 lọ ní wákàtí kan bí ẹ̀rọ ìlù ọkàn ò bá sí, mo sì ń wo ìtọ̀ kí n tó so ó. Fífi abẹ́rẹ́ tì í sínú iṣan tààrà, ikú ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹta: Ìbéèrè tó kàn wá ní aláìsàn ti ń lo dígọ́ksìn, oògùn ọkàn. Ṣé kálísíọ̀mù náà ṣì ni?

Ẹ̀gbọ́n Àìsíyù: Àwọn dókítà méjì tí mo bá ṣiṣẹ́ ò fẹnu kò lórí èyí. Ọ̀kan ní ká fún un, ká rọra ṣe é. Èkejì kì í fọwọ́ kàn án. Bóyá Nọ́ọ̀sì Òru lè bá wa wo bí wọ́n ṣe kọ ìdáhùn ìdánwò náà.