Mítà 2 ni àbí mítà 9? Oníṣẹ́ ní pọ́ńpù kò pọn dandan

Adébísí (ìbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ amúlétutù olórí méjì sí yàrá kan. Agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin kan ààbọ̀, ínfátà ni, gáàsì R32 ló sì ń lò. Ibi méjì ni a lè gbé apá ìta rẹ̀ sí. Èkínní ni ẹ̀yìn ògiri yàrá náà gan-an, níbi tí páìpù kò ní ju mítà 2 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró ni, ògiri mìíràn sì dojú kọ ọ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Èkejì ni ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí iwájú rẹ̀ ti là gbayawu, àmọ́ páìpù tí yóò débẹ̀ yóò tó mítà 9. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá sọ pé páìpù kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 3, pé gáàsì tó wà nínú rẹ̀ tó fún mítà 5, àti pé kí a fi gíráàmù 20 kún un fún mítà kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Oníṣẹ́ tí mo pè ní kí a lo ibi tó kúrú. Ó tún ní gáàsì inú ẹ̀rọ ni òun yóò fi lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, pé pọ́ńpù kò pọn dandan. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ṣadé

Oníṣẹ́ yín gbọ́n o. Wọ́n ta pọ́ńpù omi fún èmi náà, síbẹ̀ omi ṣì ń kán láti iwájú ẹ̀rọ mi sára bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fi owó ṣòfò lórí pọ́ńpù.

Múfútáù

Mà á, pọ́ńpù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti omi. Ọ̀gbẹ́ni Adébísí, ẹ má gbà fún un, dandan ni pọ́ńpù. Kí ó tàn án títí ọwọ́ géèjì yóò fi lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó parí nìyẹn. Ní ti gáàsì àfikún, kò sí ohun tí a fẹ́ fi òṣùwọ̀n ṣe. Kí ó máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí páìpù ńlá yóò fi máa làágùn dáadáa.

Láńre

Òótọ́ ni Múfútáù sọ nípa pọ́ńpù, ṣùgbọ́n n kò bá a lọ lórí méjì tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ó gbé apá ìta sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa da ooru yàrá nù. Bí ògiri bá wà níwájú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó tú jáde yóò forí sọ ògiri, yóò sì padà gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀rọ náà yóò máa mí èémí ara rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan tí ẹ nílò òtútù jù, ìfúnpá inú rẹ̀ yóò ga, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò dẹwọ́ tàbí kí ó kú fúnra rẹ̀. Ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tó fẹ́, ṣùgbọ́n bí iwájú kò bá tó mítà kan, ara mi kì í balẹ̀. Mítà 2 yẹn sì kúrú ju ohun tí ìwé yín gbà lọ. Ẹ lo mítà 9.

Mítà 9 lé mítà 5 ní 4, gíráàmù 20 lọ́nà 4 sì jẹ́ 80. Gíráàmù 80 yìí gan-an ni kí ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ínfátà kì í sáré bákan náà nígbà gbogbo, nítorí náà páìpù lè làágùn lónìí kí ó má làágùn lọ́la lórí ìwọ̀n gáàsì kan náà.

Ní ti fífi gáàsì lé afẹ́fẹ́, apá kan nínú gáàsì tí wọ́n wọ̀n síbẹ̀ ló ń sọ nù, ti R32 sì lè gbiná. Bí afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ jáde, ọ̀rinrin tó lẹ̀ mọ́ ara páìpù kò ní jáde. Òun ló ń bá ọ́ìlì kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣe pọ̀ tí yóò fi di ásíìdì. Ẹ̀rọ náà yóò tutù dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n fi sí i, ìdí nìyí tí oníṣẹ́ fi máa ń rò pé òun ṣe é ire. Pọ́ńpù ń mú kí ìfúnpá lọ sílẹ̀ débi pé omi yóò hó láìsí iná, yóò di oru, pọ́ńpù yóò sì fà á jáde. Géèjì ọlọ́wọ́ kò lè sọ bí ó ti jìn tó. Ó ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nígbà tí omi ṣì wà nínú páìpù. Géèjì onímáíkírọ́nù ló mọ ìyẹn, ibi tí à ń lé ni kí ó wà lábẹ́ 500. Lẹ́yìn náà, ẹ ti fáàfù géèjì, ẹ pa pọ́ńpù, kí ẹ sì wò ó fún ìṣẹ́jú 15. Bí nọ́ńbà bá gòkè kọjá 500 tó sì dúró, ọ̀rinrin ló kù, ẹ tún tan pọ́ńpù. Bí ó bá ń gòkè láìdúró, ibì kan ń jò.

Ìyá Ṣadé, ẹ tọ pa rọ́bà omi yín láti inú yàrá títí dé ìta. Ó ṣeé ṣe kí ó gun òkè níbì kan kí ó tó jáde, tàbí kí orí rẹ̀ rì sínú omi bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Adébísí

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé rọ́bà omi yóò tẹ̀lé páìpù fún gbogbo mítà 9 náà ni?

Láńre

Bí ẹ bá lè lu ògiri kí omi jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ihò ògiri náà kọ́kọ́ rẹlẹ̀ sí ìhà ìta. Bí ó bá di dandan kó gùn, kí ó máa sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ó kéré tán, fún mítà kọ̀ọ̀kan. Méjì sàn jù. Fún mítà 9, orí kan yóò fi sẹ̀ǹtímítà 9 rẹlẹ̀ ju ekejì lọ, ẹ sì ní láti dè é mọ́ ògiri léraléra kí ó má baà rọ̀ ní àárín. Ẹ bu omi lítà kan sínú àwo abẹ́ apá inú kí wọ́n tó bo ojú rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jáde wẹ́rẹ́, ó dára.

Adébísí

A ti ṣe é. Oníṣẹ́ náà lọ yá pọ́ńpù àti géèjì onímáíkírọ́nù. Nọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀ sí 460, ṣùgbọ́n bí a ti pa pọ́ńpù ló ń gòkè tí kò dúró. Ó fi náítírójìn sí i, ó fi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé, ìfófòó sì yọ ní nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn apá inú. Nígbà tó tú u, ẹnu páìpù tó fẹ̀ ti sán díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gé e, ó tún un fẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dé 420, ó gòkè sí 470, ó sì dúró síbẹ̀. Ó fi gíráàmù 80 sí i kí ó tó ṣí fáàfù ẹ̀rọ.

Ìyá Ṣadé

Ọ̀gá Láńre, rọ́bà tèmi gun òkè lóòótọ́ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ta ni kí n pè, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni àbí káfíńtà?

Múfútáù

Èmi ti fi páìpù mítà 2 sí ẹ̀rọ tó pọ̀, kò sì sí èyí tó bàjẹ́.

Láńre

Ìyá Ṣadé, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Múfútáù, mítà 3 ni ìwé ẹ̀rọ tiwọn sọ. Àwọn kan máa ń ká èyí tó lé ní òbìrí sẹ́yìn apá ìta kí páìpù lè pé. Àwọn mìíràn ní òbìrí yẹn ń kó ọ́ìlì jọ bí wọ́n bá gbé e dúró. Títẹ́ ni mo máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní tèmi, mo sì mọ àwọn ọ̀gá tí kò gbà bẹ́ẹ̀.