Owó oṣù ń wọlé, náírà ń jábọ́: ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ sí dọ́là?

Ọmọ Mọ́kọlá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. ₦280,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, mo sì máa ń yọ ₦60,000 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti ní ₦900,000 nílẹ̀ ní àjẹṣẹ́kù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ò tíì pé ₦500 ní báńkì. Ẹ̀yin náà rí ibi tó dé báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n yáa kó gbogbo ₦900,000 náà lọ ra dọ́là. Àmọ́ owó ilé wà nínú rẹ̀, ₦650,000, tí mo máa san lẹ́yìn oṣù méje. Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Kí ló sì lè mú mi kábàámọ̀?

Arẹ́wà Agége
Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́. Ṣebí ojú wa kọ́ ni Báńkì Àpapọ̀ ṣe jọ̀wọ́ okùn náírà lóṣù kẹfà 2023? Ẹni tó ní dọ́là lọ́wọ́ nígbà yẹn, ó sùn ni, ó jí, owó rẹ̀ ti wú. Dọ́là kì í gbé èèyàn ṣubú. Tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa tún yá owó àjẹṣẹ́kù kún un.

Tíṣà Ọ̀fà
Arẹ́wà, ẹ rọra o. Dọ́là gbé èmi ṣubú. Oṣù kejì 2024, tí gbogbo ayé ń sáré, mo kó ₦700,000 fún abókí ní ₦1,750, ó ka $400 fún mi. Oṣù kẹrin, ìyàwó mi wọ ọsibítù, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni náírà gbéra sọ. Iye tí mo rí tà á ni ₦1,120. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦448,000. ₦252,000 lọ láàárín oṣù méjì, kò sì sí olè tó wọlé. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé ká ní mo lè dúró di ìparí oṣù karùn-ún, iye náà ti tún gòkè padà. Aláìsàn ò lè dúró.

Bàbá Káńtà
Tíṣà, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú orí ire pé ara ìyàwó ti yá. Ìtàn yín ló dá Ọmọ Mọ́kọlá lóhùn.

Ọmọ Mọ́kọlá, ẹ̀yìn káńtà báńkì ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Owó ilé yẹn, má fọwọ́ kàn án. Náírà ni onílé máa gbà, ọjọ́ tó máa gbà á kò sì ṣeé yẹ̀. Tí dọ́là bá wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tí o fẹ́ sanwó, wàá tà á ní àtàdànù bíi ti Tíṣà ni. Owó tí o kò ní bèèrè fún ọdún méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó sọdá.

Èkejì, ojúbodè wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í rí. Ká fi ṣàpẹẹrẹ pé abókí ń tà ní ₦1,500, ó ń rà ní ₦1,460. ₦60,000 rẹ di $40. Tí o bá yí ẹ̀yìn padà tà á fún un lójú ẹsẹ̀, ₦58,400 lo máa gbà. ₦1,600 ti lọ kí o tó kúrò lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wọlé tó ń jáde lóṣooṣù, owó oníbodè ló ń san.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n kì í sọ fún yín: náírà náà máa ń bímọ. Ká ní fọ́ǹdù mọní mákẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń fi náírà yín yá ìjọba àti báńkì fúngbà díẹ̀, ń fún ọ ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ₦60,000 á di ₦70,800. Ká ní fọ́ǹdù dọ́là ń fún ọ ní ìdá 6, $40 á di $42.40. Kí dọ́là yẹn tó bá náírà dọ́gba, abókí gbọ́dọ̀ máa rà á ní nǹkan bíi ₦1,670 lọ́dún tó ń bọ̀. Pé dọ́là gbówó lórí díẹ̀ kò tó. Ó gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Ní 2023 ó kọjá rẹ̀ fíìfíì. Ní 2025, náírà lágbára ní báńkì níparí ọdún ju bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀ lọ, ẹni tó jókòó sórí náírà ló jèrè.

Arẹ́wà Agége
Bàbá, mo gbọ́ ti owó ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ má wo ọdún kan. Ta ló borí? Kí ló sì dé tẹ́ ò dárúkọ USDT, owó kírípítò tí wọ́n so mọ́ dọ́là? Orí fóònù ni, kò sí abókí níbẹ̀.

Bàbá Káńtà
Tí a bá wo ọdún mẹ́wàá, òótọ́ lo sọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kó má rà rárá. Ṣùgbọ́n má yá owó ra á láé: èlé á máa gùn lóṣooṣù, dọ́là kò ṣèlérí ọjọ́ kankan. Ti USDT, ẹni tí o kò mọ̀ rí ló máa fi náírà ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí o bá ń tà. Tí owó yẹn bá jẹ́ owó olè, àkáǹtì tìrẹ ni báńkì máa tì pa.

Ọmọ Kétu
Ẹ jọ̀ọ́, ìhà ti Bẹ̀nẹ̀ ni mo wà. Séfà ni wọ́n fi ń sanwó fún wa, 655.957 sí yúrò kan, kò yẹ̀. Ṣé kí èmi náà ra dọ́là? Bàbá mi ò yé sọ̀rọ̀ oṣù kìíní 1994, tí wọ́n gé séfà sí ìlàjì sí owó Faransé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní àwọn sùn pẹ̀lú owó, àwọn jí pẹ̀lú ààbọ̀ owó.

Bàbá Káńtà
Ọmọ Kétu, tìẹ yàtọ̀. Okùn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kì í fà díẹ̀díẹ̀, tó bá máa já, á já lẹ́ẹ̀kan. Tí o bá ra dọ́là, ṣe lò ń ta tẹ́tẹ́ pé dọ́là á borí yúrò, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tìẹ lọ́tọ̀.

Ìyá Tólúwanimí
Ẹ̀yin ń ṣírò, ẹ ò sọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Èmi ní àkáǹtì dọ́m, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú owó òkè òkun ní báńkì, láti 2019. Báńkì ò ní ta dọ́là fún yín pé ẹ fẹ́ fi pamọ́ o. Owó ilé-ìwé òkè òkun, ìtọ́jú àìsàn, owó ìrìn-àjò, ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ń tà fún. Ẹ ó rà á níta, lọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ wo owó náà dáadáa: olórí kékeré, èyí tí àwòrán orí rẹ̀ kéré, abókí máa ń yọ nínú iye rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni $5 àti $10. $100 olórí ńlá ni kẹ́ ẹ gbà. Pẹ̀lú $40 lóṣù, ẹ máa ní láti kó náírà jọ bí oṣù mẹ́ta kó tó pé ìwé kan. Kẹ́ ẹ tó fi í sí dọ́m, ẹ bi báńkì léèrè bóyá owó tí wọ́n kà lọ́wọ́ ṣeé fi ránṣẹ́. Tèmi, wọ́n ní kò ṣeé fi ránṣẹ́, àfi kí n wá gbà á lọ́wọ́.

Bàbá Káńtà
Ìyá Tólúwanimí, ẹ ṣeun, ibẹ̀ gan-an ló wà. Fọ́ǹdù dọ́là náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Yúróbọ́ǹdì, ìwé gbèsè tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ fi ń yá dọ́là, ni wọ́n ń rà. Kí o tó fowó sí i, wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àjọ SEC tó ń ṣọ́ àwọn fọ́ǹdù. Má sì rò pé kò lè wálẹ̀: ní 2022 tí èlé gòkè nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Yúróbọ́ǹdì ìjọba wa já wálẹ̀ gidi, ẹni tó sì tà nígbà yẹn pàdánù nínú dọ́là fúnra rẹ̀. Bọ́ǹdì dọ́là tí ìjọba tà nílé ní 2024, $10,000 ló kéré jù. Kò tíì kàn ọ́.

Tíṣà Ọ̀fà
Bàbá, àwọn áàpù tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ńkọ́? Ọmọ mi ò jẹ́ kí n sinmi.

Bàbá Káńtà
Mi ò lò ó rí. Ẹni tó ti tà, tí owó sì padà wọ àkáǹtì rẹ̀, ni kó sọ̀rọ̀. Rírà kì í le.

Ọmọ Mọ́kọlá
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Owó ilé ti dúró sí náírà. Nínú ₦60,000, mo fẹ́ máa yọ ₦20,000 sí ti dọ́là, kí ìyókù wọ mọní mákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi ń bínú. Mo lọ sí báńkì lónìí torí dọ́m, wọ́n ní kí n mú onídùúró méjì tó ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì wá. Ta ló wà n'Íbàdàn níbí tó ní kọ́rẹ́ǹtì?