Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tábù àti atọ́ka fún BS 8110, Ọjọ́rú ni ìdánwò

Ọmọ Odógunyán: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́rú ni ìdánwò dísáìnì wa, wọ́n ní ká mú BS 8110, kóòdù iṣẹ́ kọnkéré, wọlé. Irú tábù wo ló dáa, ibo ni mo ti lè rí i rà ní Ìkòròdú, ojú ewé wo ni kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́? Kíákíá ni o, ẹ ṣàánú mi.

Àbúrò Sábó: Lọ sí Sábó, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àti bírò. Bébà alẹ̀mọ́ aláwọ̀ márùn-ún ni kí o béèrè. Ra ìdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó má di pé o tún ń wọ kẹ̀kẹ́ padà lọ.

Onísílábù Ìjẹ̀dé: BS 8110 ni àbí? Ti ọdún wo? Wo ojú ewé àkọ́kọ́ fọtokọ́pì rẹ, kí o sọ fún wa bóyá 1985 ni tàbí 1997. Má lẹ nǹkan kan kí o tó wò ó.

Bàbá Bíìmù: Ọdún ò ṣe nǹkan kan, kóòdù kan náà ni. Lẹ àtẹ 3.9 fún ṣíà tó ń gé bíìmù, 3.10 fún títẹ̀ bíìmù, 3.15 fún mómẹ́ńtì tó ń tẹ sílábù tó jókòó lórí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Ohun tí èmi lò nìyẹn, mo sì yege.

Onísílábù Ìjẹ̀dé: Bàbá, ẹ má bínú. Òótọ́ ni ẹ sọ, àmọ́ nọ́ńbà ti 1985 ni. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1997, àwọn àtẹ wọ̀nyẹn sún sẹ́yìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣíà di 3.8, títẹ̀ di 3.9, mómẹ́ńtì sílábù di 3.14. Ọmọ tó bá fi nọ́ńbà yín lẹ tábù sórí ti 1997, tó wá ṣí 3.15, àtẹ ṣíà sílábù ló máa bá níbẹ̀. Àwọn àtẹ méjèèjì sì jọra bí ìbejì, torí orúkọ ẹ̀gbẹ́ sílábù kan náà ló wà lápá òsì wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan wò. Sílábù àárín ilé, tó ń bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mítà 4 sí mítà 5, ẹrù rẹ̀ 10 kN/m² lẹ́yìn tí a ti fi 1.4 àti 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀. 5 lórí 4 jẹ́ 1.25. Nínú 3.14 ti 1997, ìlà òkè pátápátá, 1.2 fún wa ní 0.042, 1.3 fún wa ní 0.046, àárín wọn jẹ́ 0.044.

M = 0.044 × 10 × 4² = 7.04 kN·m

Ẹni tó bá ṣèèṣì ṣí 3.15 á rí 0.39 àti 0.41, á mú 0.40, mómẹ́ńtì rẹ̀ á di 64 kN·m. Irin tó máa jáde níbẹ̀ á pọ̀ ju èyí tí sílábù nílò lọ púpọ̀púpọ̀. Nítorí náà, lórí tábù 3.14, kọ "0.0" síwájú orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.0, díẹ̀ ló kọjá 0.1; bí ohun tí o rí bá ti tó 0.2, kì í ṣe àtẹ mómẹ́ńtì lo wà.

Ìyá Ìbejì Àgbọ́wá: Má kọ nǹkan kan sórí tábù o! Èmi fojú ara mi rí i. Ọdún tí mo ṣe tèmi, mo lẹ tábù méjìdínlógójì, mo kọ fọ́múlà kéékèèké sórí wọn pẹ̀lú bírò pupa. Ìdánwò ò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nígbà tí olùṣọ́ gba kóòdù náà, ó ní ìwé kíkọ ni, ó ya gbogbo rẹ̀ dànù lójú mi. Ojú ewé méjì bá a ya. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí a fi parí. Ẹ má tan ọmọ yìí.

Àbúrò Sábó: Háà! Ṣé kò wá yẹ kó má lẹ nǹkan kan rárá báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìta Ẹlẹ́wà: Níbi tiwa wọn kì í yọ tábù. Nọ́ńbà àti orúkọ nìkan kì í ṣe ìwé kíkọ.

Ìyá Ìbejì Àgbọ́wá: Níbi tiyín nìyẹn. Olùṣọ́ tó gba tèmi ò bi mí léèrè nọ́ńbà tàbí fọ́múlà.

Bàbá Bíìmù: Fọ́múlà lo kọ, ìyá. Ìyẹn ló fà á. Kí olùkọ́ wọn sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ kó tó di Ọjọ́rú.

Oníná Ìgbógbó: Èmi ò ṣe ilé o, iná ni mo ṣe. BS 7671 la mú wọlé. Àfikún kẹrin, níbi tí ìwọ̀n wáyà wà, ni mo ń ṣí ní gbogbo ìgbà, tábù kan ṣoṣo tó mi. Ọmọ, ṣé o ti gbìyànjú kí o kàn ká ìwé rẹ ní etí?

Onísílábù Ìjẹ̀dé: Kíká ò ní ṣiṣẹ́ nínú fọtokọ́pì tó ní sípírà, gbogbo rẹ̀ á ṣí papọ̀. Tábù mọ́kànlá péré ló tó. Gígùn etí bébà A4 jẹ́ 297 mílímítà. Bí tábù kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ tó 25, mọ́kànlá ló máa tò láìbo ara wọn. Méjìdínlógójì ti ìyá yẹn, bí wọn ò tiẹ̀ ya á, ọwọ́ rẹ̀ ò bá máa wá èyí tó wà lábẹ́ èkejì ni.

Tò wọ́n bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kì í ṣe bí ìwé ṣe ń lọ: kọ́fà kọnkéré lórí irin, mómẹ́ńtì bíìmù tó ń bá a lọ, mómẹ́ńtì sílábù, irin, ṣíà, títẹ̀, irin tó kéré jù, kọ́lọ́ọ̀mù. Ìyókù, fi sílẹ̀ fún ibi tí olùkọ́ yín fẹ́ràn. Lẹ́yìn náà, ṣe atọ́ka ojú ewé kan tí wàá fi ṣáájú kóòdù, bí wọ́n bá gbà yín láyè. Ohun tí ò ń wá lápá òsì, lédè tìrẹ, bíi "ìgbà wo ni kọ́lọ́ọ̀mù di tẹ́ẹ́rẹ́". Nọ́ńbà abala lápá ọ̀tún, 3.8.1.3, ojú ewé fọtokọ́pì rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kà á láti orí bébà ọwọ́ rẹ gan-an, torí àwọn tó ń ṣe fọtokọ́pì máa ń fo ojú ewé.

Ní alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹnì kan máa pe nǹkan mẹ́wàá fún ọ, kí o máa ṣí wọn. Èyí tó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, orúkọ tí o fún un ni kò dáa. Yí i padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìta Ẹlẹ́wà: Ẹ̀gbọ́n, 0.87fy tí a fi ń ṣírò agbára irin ńkọ́? Ti 1997 ní 0.95fy, wọ́n kọ́ wa ní 0.87.

Onísílábù Ìjẹ̀dé: 1985 ní 0.87, 1997 ní 0.95, àtúnṣe 2005 sì dá a padà sí 0.87. Èyí tí olùkọ́ bá fi ń gba máàkì ni kí ẹ lò. Èmi ò lè dáhùn fún un.

Bàbá Bíìmù: Mo ti wo tèmi. 1985 ni, lóòótọ́. Ọmọ, má tẹ̀lé nọ́ńbà mi.

Ọmọ Odógunyán: Ẹ ṣé gan-an. 1997 ni tèmi. Mi ò rí àyè dé Sábó, mo gé páálí bisikíìtì, mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ ní iwájú àti ẹ̀yìn. Mẹ́fà ni mo lẹ̀, nọ́ńbà nìkan, mi ò kọ "0.0" sórí rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì dẹ́rù bà mí. Atọ́ka, mi ò ní ṣe é. Àmọ́ mo lẹ 3.14 àti 3.15 méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi páálí funfun ṣe ọ̀kan, mo fi pupa ṣe ìkejì.

Ìyá Ìbejì Àgbọ́wá: Pupa ni ṣíà?

Ọmọ Odógunyán: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.