Àbọ̀ lórí fọ́tò tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò bára mu

"Ẹ̀gbọ́n mi dijú nínú fọ́tò alẹ́, mo gbé ojú rẹ̀ ti àárọ̀ sí i. Àgbọ̀n ń dán, ọrùn ní irùngbọ̀n. Kí ni kí n ṣe?"

Ìbéèrè mi níjọ́sí nìyẹn. Ó ti yanjú, ẹ ṣeun. Ìmọ̀ràn Bàbá Onífọ́tò ló ṣiṣẹ́: nínú Photoshop, mo fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú kun Layer Mask ojú àárọ̀ láti abẹ́ imú wá sísàlẹ̀, àgbọ̀n alẹ́ fúnra rẹ̀ sì padà yọ. Àṣé ojú méjèèjì nìkan ni mo nílò! Add Noise dà bí eruku. Clone Stamp láti ọrùn ló bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ní kí n ra abẹ tuntun, fọ́tò ni mò ń sọ o. Ó ku pọ́dà: iwájú orí ṣì mọ́lẹ̀ ju etí lọ. Curves dín in kù, kò tán.